Bí a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ tó le láìyí ohun tó sọ padà

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí èèyàn fẹ́ fi béèrè owó lọ́wọ́ àgbà máa ń nira láti kọ. Tí ẹ bá kọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn yín, wọ́n á ní ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Tí ẹ bá sì rọ̀ ọ́ jù, ẹni tó jẹ gbèsè á kà á tán, á kí yín dáadáa, kò sì ní mọ̀ pé ẹ dá ọjọ́ fún òun. Èkejì yìí ni mo rí jù láti ìgbà tí mo ti ń ṣe akápò ẹgbẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà á dùn létí, ìkíni á kún inú rẹ̀, àdúrà á kún inú rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé á ti sọnù. Èmi ò ka ìyẹn sí ọ̀wọ̀. Àgbà tí ẹ ò jẹ́ kó mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá a, ẹ ò pọ́n ọn lé, ẹ kàn sá fún un ni.

Èdè wa ní ohun tó tó láti fi ṣe méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo, ká tú u palẹ̀, ká sì tún un tò. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń gba owó aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aṣọ náà jẹ́ 25,000 náírà. Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ màmá wọn, ti san 10,000 sílẹ̀. Ohun tí ọmọbìnrin yìí kọ́kọ́ tẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ nìyí:

> Owó aṣọ ẹbí rẹ ṣì ku 15,000 náírà. O ní Sọ́ńdè lo máa san án, o ò san án. Fi ránṣẹ́ kó tó di Fúráìdè. Tí o ò bá san án, mo máa gbé aṣọ náà fún ẹlòmíràn.

Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé tí Ìyá Ìbejì bá rí i báyìí, ọ̀dọ̀ màmá ọmọ náà ló máa kọ́kọ́ gbà lọ, kì í ṣe báǹkì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yọ ohun tó sọ síta

Kí ẹ tó fọwọ́ kan gbólóhùn kankan, ẹ kọ ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà ń sọ sínú ìwé, ní ọ̀rọ̀ tó kúrú. Nínú tiwa yìí, ohun mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Owó tó kù jẹ́ 15,000. Ìyá Ìbejì fúnra wọn ló dá Sọ́ńdè, Sọ́ńdè sì ti kọjá. Owó gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di Fúráìdè. Bí kò bá wọlé, aṣọ di ti ẹlòmíràn.

Ẹ wo ohun tí kò sí láàárín mẹ́rin yẹn. Kò sí ibi tó ti sọ pé Ìyá Ìbejì kò níwà, tàbí pé wọ́n fẹ́ jẹ owó náà mọ́lẹ̀. Ìbínú wà nínú ohùn ẹni tó kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbínú náà kò sí lára iṣẹ́ tó fẹ́ jẹ́. Òun nìkan la lè yọ dànù. Mẹ́rin tó kù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ Ìyá Ìbejì bí wọ́n ṣe wà. Ẹ tọ́jú ìwé yẹn, torí a máa padà lò ó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yí «o» padà sí «ẹ», ẹ má sì fo ìkankan

Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í pe àgbà ní «ìwọ». Bí a ṣe ń fo àwọn kan nínú wọn ló yẹ ká sọ. Èyí tó hàn kedere kò le: «owó aṣọ ẹbí rẹ» á di «owó aṣọ ẹbí yín», «o ní» á di «ẹ ní», «lo máa san án» á di «lẹ máa san án», «o ò» á di «ẹ ò», «tí o ò bá» á di «tí ẹ ò bá». Èyí tó máa ń bọ́ sọnù ni àṣẹ. «Fi ránṣẹ́» kò ní «o» kankan nínú tí ojú lè rí, torí bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń wá «o» kiri á fò ó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ náà á sì máa bọ̀wọ̀ látòkè délẹ̀ títí yóò fi dé ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn, tí á wá dà bíi pé ẹ ń rán ọmọdé níṣẹ́. «Ẹ jọ̀wọ́, fi ránṣẹ́» kò tọ̀nà. «Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́» ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe tó jẹ́ àṣẹ ló gbọ́dọ̀ ní «ẹ» tirẹ̀ níwájú.

Ibòmíràn tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ ni «ẹ» tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìṣe. «Mo fẹ́ rán ẹ létí» ní «ẹ» nínú, àmọ́ ẹgbẹ́ ẹni là ń sọ ọ́ fún. Bí àgbà bá ni, «mo fẹ́ rán yín létí» ni. Àwọn tí wọ́n tọ́ dàgbà nílùú òyìnbó, tó jẹ́ pé etí ni wọ́n fi mú Yorùbá nínú ilé, máa ń ṣìnà níbí gan-an, torí pé ìró kan náà ni wọ́n ń gbọ́. Ìlànà tí mo máa ń fún wọn ni pé «ẹ» ọ̀wọ̀ kì í tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìṣe lẹ́yìn. Iwájú ló máa ń wà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe, «yín» ló ń gbapò rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti yí gbogbo rẹ̀ tán, ìṣòro mìíràn á yọjú tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. «Ẹ» tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan la fi ń pe èèyàn mẹ́wàá. «Owó aṣọ yín ṣì ku 15,000»: ṣé ti Ìyá Ìbejì nìkan ni, àbí àpapọ̀ ti gbogbo ilé wọn? Bó bá jẹ́ pé ọkọ wọn náà mú aṣọ, Ìyá Ìbejì lè gbà pé ọkọ òun ló kù tí kò tíì san. Nígbà tó jẹ́ «rẹ», kò sí ẹni tó máa bi yín léèrè. Ọ̀wọ̀ ló mú iyèméjì wọlé, ẹ̀yin lẹ sì gbọ́dọ̀ mú un jáde. Ẹ kọ «owó aṣọ ti ẹ̀yin fúnra yín», ó ti tán.

«Wọ́n» náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé «Bàbá ti san tiwọn», kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá aṣọ Bàbá nìkan lẹ ń sọ tàbí ti gbogbo ìdílé. Níbi tí owó bá ti wọ ọ̀rọ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ fún «wọ́n» nìkan. Ẹ dárúkọ ohun náà: «Bàbá ti san owó aṣọ ọkùnrin kan, 25,000.»

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: ní àwọn ẹ̀ka-èdè kan, bíi ti Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, àwọn àgbà ń gba «ìwọ» lẹ́nu ọmọdé nígbà tí wọ́n bá ń sọ èdè ìlú wọn, inú kò sì bí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ní Yorùbá àjùmọ̀lò, wọ́n ń retí «ẹ» bíi ti gbogbo èèyàn.

Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ yín ni ẹ ń kọ̀wé sí, ẹ má fi «ẹ» rọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rẹ́ tí ẹ ti ń pè ní «o» láti ilé ìwé, tó wá rí «ẹ» lójijì lórí ọ̀rọ̀ owó, á gbà pé ẹ ti ń bínú. «Jọ̀ọ́», orúkọ rẹ̀ àti ìkíni kúkúrú ti tó fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìkíni kan tó bá ọ̀rọ̀ mu

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ti jábọ́ kó tó gbéra. Ẹ gbọ́dọ̀ kí wọn, kí ẹ sì fi «mà» tàbí «sà» tàbí orúkọ tí ẹ ń pè wọ́n sí i. Lẹ́yìn «ẹ káàárọ̀», ẹ wá «ẹ kú» kan tó bá ipò tí àwọn àti ẹ̀yin wà mu. Ibí lèèyàn ti máa ń fi ìkánjú mú èyí tí kò yẹ. Nínú àpẹẹrẹ wa, ilé ọmọbìnrin yìí ló ń ṣe ìnáwó. Tó bá kí Ìyá Ìbejì pé «ẹ kú ìnáwó», ó ti gba ìkíni tó yẹ kí Ìyá Ìbejì fi kí òun. Ohun tí ẹni tó ń náwó ń sọ fún ẹni tó wá báni ṣe é ni «ẹ kú àdúrótì wa». Èyí tún dára lọ́nà mìíràn, torí ó ń rán wọn létí pé wọ́n wà lára àwọn tó dúró tì wá, kò sì ní ẹ̀sùn kankan nínú.

Bí ẹni náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, «ẹ kú ewu ọmọ» ló yẹ kó ṣáájú. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, «ẹ kú ewu ọ̀nà» ni. Bó bá wà nínú ọ̀fọ̀, tí ẹ sì mọ̀, «ẹ kú ará fẹ́ra kù» ni, kí ẹ sì ronú bóyá òní ló yẹ kí ẹ kọ̀wé owó sí wọn rárá.

Ìkíni kan tàbí méjì ti tó. Mo máa ń rí àwọn tó ń fi «ẹ káàárọ̀ mà» nìkan ránṣẹ́, tí wọ́n á wá máa dúró kí wọ́n dáhùn kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ gan-an tẹ̀lé e. Ojúkojú ni ìyẹn ti dára. Lórí fóònù, àgbà tó dáhùn ìkíni láago mẹ́jọ lè má padà síbẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀rọ̀ yín á sì máa dúró. Ẹ kó ìkíni àti iṣẹ́ pọ̀ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan, kí ẹ wá fi gbólóhùn kan kọjá láti orí èkíní sí èkejì: «Lórí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ni mo ṣe ní kí n kọ̀wé sí yín.»

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ sọ àṣẹ di ohun tí a ń béèrè

«Fi ránṣẹ́ kó tó di Fúráìdè» jẹ́ àṣẹ. A ní ọ̀nà mẹ́ta tí a sábà máa ń gbà dẹ̀ ẹ́, wọn kò sì wúwo bákan náà. «Ẹ jọ̀wọ́» ni ti ojoojúmọ́. A ń lò ó fún ẹni tó jẹ wá lówó, fún onímọ́tò, fún ẹni tó ń ta búrẹ́dì. «Ẹ dákun» jinlẹ̀ jù ú lọ, ó ti ní ìrẹ̀lẹ̀ nínú, bíi pé ẹni náà lè kọ̀ bó bá wù ú. «Mo bẹ̀ yín» ti di ẹ̀bẹ̀ pọ́ńbélé. Ẹni tó ń béèrè ohun tó tọ́ sí i, tó wá ń sọ pé «mo bẹ̀ yín, ẹ ṣàánú mi», ti yí ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ padà: gbèsè ti di ọrẹ. Ẹni tó jẹ ẹ́ á wá máa rò pé òun ń ṣe é lóore tóun bá san án, tí kò bá sì sí owó lọ́wọ́, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Fún àtẹ̀jíṣẹ́ wa, «ẹ jọ̀wọ́» ló yẹ.

Ohun mìíràn tí a fi ń dẹ àṣẹ ni «bá mi». «Ẹ gbé e wá» le. «Ẹ bá mi gbé e wá» rọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí wúlò gan-an, ó sì ní ewu kan tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ wo «ẹ bá mi san owó náà». Ohun tí èyí sọ ni pé èmi ni mo jẹ gbèsè, kí ẹ wá ràn mí lọ́wọ́ san án. Gbèsè Ìyá Ìbejì ti di gbèsè ọmọbìnrin tó ń kọ̀wé! Pẹ̀lú «san», «rà» àti «sanwó fún», «bá mi» máa ń gbé ẹrù náà kúrò lórí ẹni tó ni í. Pẹ̀lú «fi ránṣẹ́», «gbé wá» tàbí «wò ó», kò sí ewu bẹ́ẹ̀. Nítorí náà: «Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ kó tó di Fúráìdè.» Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì lórí ọ̀rọ̀ ìṣe kan, ẹ bi ara yín pé lẹ́yìn tí mo fi «bá mi» sí i, ta ló ni iṣẹ́ náà? Bí ó bá ti di tiyín, ẹ yọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbé ìka kúrò lójú wọn

Ibí ló ṣòro jù, ibí náà ni mo sì máa ń pẹ́ sí. «O ní Sọ́ńdè lo máa san án, o ò san án» jẹ́ òótọ́ méjì tí a so pọ̀ di ẹ̀sùn. Tí ẹ bá kàn fi «ẹ» rọ́pò «o», ẹ̀sùn náà ò kúrò: «Ẹ ní Sọ́ńdè lẹ máa san án, ẹ ò san án.» Ó tiẹ̀ lè le sí i, torí ọ̀wọ̀ tó wà lórí ẹ̀sùn máa ń ta bí ata.

Ohun tó ń na ìka ni ohun tí ẹ bá fi «ni» gbé síwájú. «Ẹ̀yin lẹ sọ pé Sọ́ńdè» gbé Ìyá Ìbejì síwájú, ó ń bá wọn jà. «Ṣebí ẹ sọ pé Sọ́ńdè» burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjà ọjà ni. Ẹ gbé ọjọ́ síwájú dípò èèyàn: «Sọ́ńdè tó kọjá ni ọjọ́ tí ẹ dá fún mi pé ẹ máa san án.» Ohun kan náà ló sọ. Àwọn ló ṣì sọ ọ́, Sọ́ńdè náà ló ṣì jẹ́, àmọ́ ọjọ́ lojú ń wò báyìí, kì í ṣe ẹni tó dá a. Àwọn kan á fẹ́ rọ̀ ọ́ sí i, wọ́n á kọ «Sọ́ńdè la jọ fi sí». Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe pé ẹ jọ fi í sí lóòótọ́. Ìlérí tí ẹnì kan ṣe yàtọ̀ sí àdéhùn ẹni méjì, Ìyá Ìbejì sì lè dáhùn pé àwọn kò bá yín ṣe àdéhùn kankan.

Apá kejì ni «o ò san án». Ẹ sọ ọ́ láti ìhà ọ̀dọ̀ ti yín: «kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi». Dípò kí ẹ sọ ohun tí àwọn kò ṣe, ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin kò tíì rí. Níbí, ọ̀wọ̀ àti òótọ́ jọ ń rìn pọ̀, torí pé ohun tó dá ẹni tó ń gba owó lójú kò ju pé owó kò tíì wọ ákáǹtì òun. Wọ́n lè ti fi ránṣẹ́ kí báǹkì má tíì jẹ́ kó wọlé. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Ìbejì bá ti fẹnu ara wọn sọ lánàá pé àwọn kò tíì san, «kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi» á dà bí ẹni pé ẹ ń díbọ́n. Ẹ kọ «ẹ ò tíì san án», kí ẹ fi «tíì» yẹn ṣe ohun tó rọ̀ ọ́. «Ẹ ò san án» ti parí ẹjọ́. «Ẹ ò tíì san án» ṣì ń retí.

Ẹ má wá àwáwí fún wọn. «Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún yín» tàbí «bóyá ó ti kúrò lọ́kàn yín» jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ohun mẹ́rin tí a kọ sílẹ̀. Èkejì sì ń sọ pé àgbà ti ń gbàgbé nǹkan, èyí tí kò dùn létí wọn. Bákan náà, ẹ fi òwe sílẹ̀. Kódà bí ẹ bá sọ «tótó, ó ṣe bí òwe» ṣáájú, òwe lórí ọ̀rọ̀ owó máa ń gún èèyàn, a kò sì lè rí ojú ara wa nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ká fi ẹ̀rín pa á rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ má gbé ìyọrísí mì

«Tí o ò bá san án, mo máa gbé aṣọ náà fún ẹlòmíràn.» Ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n bá dé ibí, á pa á rẹ́, wọ́n á fi «kí Ọlọ́run pèsè» rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí aṣọ bá wá di ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ Fúráìdè, Ìyá Ìbejì á ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun, òótọ́ ni wọ́n sì máa sọ.

Ohun tó mú kó dún bí ìhàlẹ̀ ni «tí o ò bá». Ẹ jẹ́ kí owó jẹ́ olùwà gbólóhùn náà: «tí kò bá wọlé kó tó di Fúráìdè». Lẹ́yìn náà ẹ fi «ẹ má bínú, mà» ṣáájú. Ibi tí ẹ bá fi í sí ṣe pàtàkì. Níwájú ìyọrísí, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàyè gbà mí kí n sọ ohun tó le yìí. Bó bá wà lókè, níwájú gbèsè, á dà bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ má sì fi í sí ibi méjì.

Ẹ fi «mo máa gbé» sílẹ̀ bó ṣe wà. «Ó ṣeé ṣe kí n gbé e» yàtọ̀, ó sọ ohun tó dájú di ohun tó lè má ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ tàbí ìdílé ló fẹnu kò lórí ẹ̀, «a máa gbé» dára, ó sì máa ń rọ ọ̀rọ̀ gan-an nítorí kì í ṣe ọmọdé nìkan ló ń bá àgbà sọ̀rọ̀ mọ́. Àmọ́ bí ẹ̀yin nìkan lẹ pinnu rẹ̀, ẹ má fi «a» bora.

Bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí nígbà tí a tò ó pọ̀

> Ẹ káàárọ̀ o, mà. Ẹ kú àdúrótì wa. Lórí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ni mo ṣe ní kí n kọ̀wé sí yín. Owó aṣọ ti ẹ̀yin fúnra yín ṣì ku 15,000 náírà. Sọ́ńdè tó kọjá ni ọjọ́ tí ẹ dá fún mi pé ẹ máa san án, àmọ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ kó tó di Fúráìdè, ìyẹn ni pé ó pẹ́ tán alẹ́ Tọ́sìdè. Ẹ má bínú, mà, tí kò bá wọlé kó tó di Fúráìdè, mo máa gbé aṣọ náà fún ẹlòmíràn. Ẹ ṣé o, mà.

Ẹ wá mú ìwé tí ẹ kọ níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fún ẹlòmíràn nínú ilé ní àtẹ̀jíṣẹ́ náà kà, ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ náà. Ẹ bi í pé: èló ló kù, ti ta ni? Ìgbà wo ni wọ́n ní àwọn máa san án? Ọjọ́ wo ló gbẹ̀yìn? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Bó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìronú, iṣẹ́ ti dọ́gba. Ibi tó bá ti ní «ó dà bíi pé», ibẹ̀ ni ọ̀wọ̀ ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń fa irú «ó dà bíi pé» bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. «Tó bá rọ̀ yín lọ́rùn» sọ ọjọ́ di ohun tí wọ́n lè yàn. «Owó díẹ̀ tó kù yẹn» sọ 15,000 di owó tí kò tó nǹkan, tó lè dúró. «Láìpẹ́» kò ní ọjọ́ kankan nínú. Èyí tó sì máa ń yọ́ wọlé jù ni «títí Fúráìdè», tí àwọn èèyàn máa ń fi rọ́pò «kó tó di Fúráìdè» torí pé ó rọ̀ lẹ́nu. Ó ti fi odindi ọjọ́ kan kún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ alẹ́ Tọ́sìdè sí i.

Ohun kan nípa àmì ohùn

Bí ẹ kò bá ní àmì ohùn lórí fóònù yín, ẹ ṣọ́ra fún «ma». «Ẹ máa mú un bọ̀» jẹ́ àṣẹ tí a rọ̀ lójú. «Ẹ má mú un bọ̀» ń dá wọn dúró. Láìsí àmì, méjèèjì lè di «e ma mu un bo», àgbà tó kà á sì lè jókòó sílé. Ẹ tẹ «maa» ní «a» méjì nígbà gbogbo tó bá yẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí «má» ní ẹyọ kan. Nígbà tí «mà» tí a fi ń pọ́n obìnrin lé bá tún wọ inú gbólóhùn kan náà, ẹ fi àmì ìdánudúró yà á sọ́tọ̀, bí mo ṣe ṣe lókè yẹn.

Bí Fúráìdè bá dé tí owó kò dé

Àtẹ̀jíṣẹ́ kejì kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì ní ẹ̀bẹ̀. Ìkíni wà níbẹ̀, «ẹ» wà níbẹ̀, «bí mo ṣe sọ fún yín» ló sì gbapò «ẹ má bínú», torí pé wọ́n ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ohun tuntun tó gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ ni 10,000 tí wọ́n ti san sílẹ̀. Bí ẹ kò bá mẹ́nu kàn án, gbogbo ọ̀wọ̀ tí ẹ fi sínú ti àkọ́kọ́ á di asán lójú wọn.

> Ẹ káàárọ̀, mà. Owó aṣọ yín kò tíì wọlé títí di àárọ̀ yìí. Bí mo ṣe sọ fún yín, mo ti gbé aṣọ náà fún ẹlòmíràn. 10,000 náírà tí ẹ ti san wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi nọ́ńbà ákáǹtì yín ránṣẹ́, kí n lè dá a padà fún yín lónìí.